Láti Ẹnu Ọmọ Dé Inú Fáìlì: Iṣẹ́ Ọjọ́ Kan ní Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò fẹ̀. Wákàtí mélòó kan péré ló dá lé: láti ìgbà tí ọmọ bá la ẹnu, tàbí tí olùkọ́ bá rí àpá kan lára rẹ̀, títí di ìgbà tí ìròyìn náà yóò dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ní agbára láti dá sí i. Mo fẹ́ ká mọ ẹni tí ìròyìn yẹn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn méjì tí gbogbo ayé mọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra ni ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń jẹ́ Daniel Pelka kú ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ àti ọkùnrin tí ìyá náà ń bá gbé ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìpànìyàn. Wọ́n ti fi ebi pa ọmọ náà títí ó fi rù kan egungun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ rí i tó ń ṣa oúnjẹ nínú ohun ìdalẹ̀nù, wọ́n sì rí àpá lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àlàyé tí ìyá ọmọ ṣe fún wọn ni pé àìsàn kan ló ń mú kó máa jẹun bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọ̀ràn náà, tí wọ́n sì gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, ó hàn pé ojú kò fọ́. Ohun tí ẹnì kan rí kò pàdé ohun tí ẹnì kejì rí, wọn kò sì rí àkọsílẹ̀ kankan níbi tí òṣìṣẹ́ kan ti jókòó ti ọmọ náà, kó bi í bí nǹkan ṣe rí nílé.

Èkejì yí padà bìrí. Ní ọdún 1983, ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé jáde nípa ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní ìpínlẹ̀ California, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀ràn McMartin. Ọlọ́pàá kọ lẹ́tà sí nǹkan bí igba òbí, wọ́n to oríṣiríṣi ìwà sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ bi ọmọ wọn léèrè. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún fi ọ̀rọ̀ wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lẹ́nu wò, tí wọ́n ń fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ti jẹ́wọ́ ná. Ẹjọ́ náà fa lọ títí di ọdún 1990, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi. Lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè yẹn, kò sí bí adájọ́ ṣe lè ya ohun tí ọmọ rántí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àgbà kọ́ ọ sọ.

Ọ̀nà kan wà láàárín àìkọ-nǹkan-sílẹ̀ àti ìbéèrè àpọ̀jù. Ibẹ̀ ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ rìn: kó béèrè ìwọ̀nba, kó kọ ọ́ dáadáa, kó sì fi í lé ẹni tó kàn lọ́wọ́ kí ilé-ìwé tó jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ tí a dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ká pè é ní Dúpẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago 10:20, olùkọ́ rẹ̀ rí i pé kò fẹ́ fẹ̀yìn ti àga. Apá rẹ̀ òsì ní ìlà méjì tó gùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Olùkọ́ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè rí wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, “Mo rí i pé o ò fẹ́ fẹ̀yìn tì. Sọ fún mi.”

Gbólóhùn yẹn tó. “Sọ fún mi,” “ṣàlàyé fún mi,” “báwo ló ṣe rí?” ni irú ìbéèrè tí olùkọ́ lè bi ọmọ, nítorí wọn kò gbé ìdáhùn kankan lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá ní, “Ṣé bàbá rẹ ló nà ọ́?” bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ọmọ lè dáhùn. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa sì lè dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀ ni torí pé àgbà ló béèrè. Láti ìgbà náà, orúkọ bàbá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu olùkọ́. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ rẹ̀ yóò sì béèrè ní ilé ẹjọ́ pé ta ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Dúpẹ́ ní, “Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.” Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó láàánú ti máa ń ṣìnà, wọn á ní, “Kò sẹ́ni tí màá sọ fún.” Ìlérí tí wọn kò lè mú ṣẹ ni. Nígbà tí ọmọ bá rí i lọ́la pé àṣírí tú, kò ní sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni mọ́, nígbà mìíràn sì rèé, ìyókù yẹn ló burú jù. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ sọ ni pé, “Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Tí ohun tó o bá sọ bá fi hàn pé ẹnì kan ń ṣe ọ́ níkà, màá sọ fún ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, ẹni yẹn nìkan. Ìwọ náà á sì mọ̀.” Kó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń ni àgbà lára ju ọmọ lọ.

Ọmọ náà bá sọ pé, “Wọ́n fi wáyà nà mí lẹ́yìn. Wọ́n ní tí mo bá sọ, mi ò ní wá sílé-ìwé mọ́.” Olùkọ́ ní, “Ta ni ò ń sọ?” Dúpẹ́ tẹrí ba, kò dáhùn. Olùkọ́ kò tún béèrè mọ́. Ó ní, “O ṣeun tó o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Kò bọ́ aṣọ rẹ̀ wo ẹ̀yìn, kò fi fóònù ya àwòrán apá rẹ̀. Dókítà ló ń yẹ ara ọmọ wò. Àwòrán tó bá sì wà lórí fóònù olùkọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lè dé lọ́la. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kí wákàtí kan tó kọjá, olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo irú èyí tí a máa ń rí jù nínú fáìlì ilé-ìwé: “Lónìí Dúpẹ́ fi ẹjọ́ sùn pé bàbá rẹ̀ ń lù ú nílùkulù. Àpá tó ti tó ọjọ́ mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rù púpọ̀.” Ó dà bíi pé ó ti sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn. Ọmọ kò dárúkọ bàbá. Kò sọ pé wọ́n ń lù ú léraléra. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú wo àwọ̀ ọgbẹ́ abẹ́ awọ kó sọ ọjọ́ tó ti pẹ́ tó. Dókítà gan-an kì í ṣe é, torí pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ènìyàn kọ̀ọ̀kan. “Bẹ̀rù” sì jẹ́ èrò olùkọ́. Ohun tí ojú rí ni pé ọmọ tẹrí ba, tó sì ń fa etí aṣọ rẹ̀.

Èyí tó dára rèé: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:20, nítòsí fèrèsé kíláàsì. Èmi àti Dúpẹ́ nìkan la jọ sọ̀rọ̀. Mo ní: ‘Mo rí i pé o ò fẹ́ fẹ̀yìn tì. Sọ fún mi.’ Ó ní: ‘Wọ́n fi wáyà nà mí lẹ́yìn. Wọ́n ní tí mo bá sọ, mi ò ní wá sílé-ìwé mọ́.’ Mo ní: ‘Ta ni ò ń sọ?’ Kò dáhùn, ó tẹrí ba, ó ń fa etí aṣọ rẹ̀. Ìlà pupa méjì wà lápá òsì rẹ̀ lókè ìgúnpá, lẹ́yìn apá, wọ́n gùn tó ìka àárín mi, àlàfo àárín wọn kò pọ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ èyí ní aago 10:50.” Lẹ́yìn náà ni orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lù olùkọ́. Ìbéèrè olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn ọmọ, kí ẹni tó bá kà á lè rí i pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí “wọ́n” yẹn, nítorí ó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá gan-an. “Wọ́n” lè jẹ́ ẹnì kan tó ju ọmọ lọ, tí ọmọ ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta. Kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ á túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, á sì ti yan ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀. Bó bá kọ ọ́ bíi pé ènìyàn púpọ̀ ni, àjọ á máa wá àwọn tí kò sí. Bó bá kọ ọ́ bíi pé ọkùnrin kan ni, ó ti tọ́ka sí ẹni tí ọmọ kò tọ́ka sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ní èdè tí ọmọ fi sọ ọ́. Tí ìtumọ̀ bá di dandan, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni orúkọ ẹ̀yà ara. Bí ọmọ bá ní “ibi ìtọ̀ mi” tàbí tó lo orúkọ ilé tí wọ́n ń pè é, òun náà lẹ ó kọ, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìwé rọ́pò rẹ̀. “Ó bá mi ṣeré” gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwádìí ni láti mọ irú eré tó jẹ́.

Lára fọ́ọ̀mù náà, ó yẹ kí àwòrán ara wà, iwájú àti ẹ̀yìn, èyí tí kò ní ojú tàbí aṣọ, kí olùkọ́ lè sàmì sí ibi tí àpá wà. Ibi tí àpá wà máa ń sọ nǹkan. Orúnkún, ojúgun àti iwájú orí ni ọmọ tó ń sáré kiri máa ń fi gbá nǹkan, nítorí egungun sún mọ́ awọ níbẹ̀. Etí, ọrùn, ẹ̀yìn, ìdí àti ẹ̀yìn apá kì í sábà fara gbá ilẹ̀. Ìlà méjì tó gùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí àárín wọn mọ́, sì jẹ́ irú èyí tí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wáyà tàbí ọ̀pá máa ń fi sílẹ̀. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ìparí èrò yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, dókítà yóò mọ ohun tó ń wò.

Ní aago 11:00, olùkọ́ fi fọ́ọ̀mù náà lé alábòójútó ìdáàbòbò ọmọ lọ́wọ́, ojúkojú. Kò fi í sórí tábìlì, kò sì fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lórí Wásáàpù. Alábòójútó kọ àkókò tó gbà á, ó sì buwọ́ lù ú. Àkókò méjì, ti ìgbà tí a kọ ọ́ àti ti ìgbà tí a gbà á, gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo fọ́ọ̀mù. Bí ìròyìn bá sùn sínú àpò ẹnì kan fún ọjọ́ méjì, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní alábòójútó kan àti igbákejì rẹ̀, kí a sì mọ ẹnì kẹta tí yóò gbà á bí àwọn méjèèjì kò bá sí. Ẹ kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn sára ògiri yàrá olùkọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ti ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí alásè, awakọ̀ àti ọlọ́dẹ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ni ọmọ máa ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí olùkọ́ kò sí nítòsí.

Alábòójútó ṣí fáìlì Dúpẹ́. Níwájú rẹ̀ ni ìwé kan wà tí wọ́n to ìṣẹ̀lẹ̀ sí ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, tó ní òpó mẹ́rin: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, àti ohun tí a ṣe sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, olùkọ́ ìṣirò kọ ọ́ pé ọmọ náà sùn lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ eré ìdárayá kọ ọ́ pé ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, kò sì fẹ́ bọ́ ọ. Ó pa ọjọ́ Ajé méjì jẹ láìsí lẹ́tà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè torí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá tò síra lórí ìwé kan, ojú tí à ń wò wọ́n yí padà. Irú ìwé yìí gan-an ló ṣaláìsí níbi tí ọ̀ràn Daniel ti ṣẹlẹ̀.

Ìpinnu tó kàn jẹ́ ti alábòójútó: kó pe ilé ni, àbí kó pe àjọ? Bí àjọṣe ilé-ìwé àti òbí bá dára, ọwọ́ ẹni á kọ́kọ́ fẹ́ lọ sórí tẹlifóònù láti pe màmá. Nínú ọ̀ràn tí a kò ì tíì mọ ẹni tó lu ọmọ, ẹ má pe ilé ṣáájú àjọ. Bí “wọ́n” bá jẹ́ ará ilé, a ti ta á lólobó. Ó lè wá mú ọmọ náà lọ, ó lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ó sì lè mú ìhàlẹ̀ pé ọmọ náà kò ní wá sílé-ìwé mọ́ ṣẹ. Àjọ náà ni yóò sọ ìgbà tí a ó sọ fún òbí, àti ẹni tí yóò sọ ọ́. Bí ọmọ bá kan fi ẹsẹ̀ kọ nígbà eré, tàbí tó dé láìjẹun lẹ́ẹ̀kan, pípe òbí ló tọ́, kí a sì kọ ìdáhùn wọn.

Ní aago 11:25, alábòójútó pe àjọ. Ó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ, àkókò, nọ́ńbà ọ̀ràn tí wọ́n fún un, àti ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó sọ pé Dúpẹ́ ní àbúrò ní kíláàsì kejì; ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń gbàgbé èyí. Ó béèrè tààrà pé, “Ṣé ó lè lọ sílé ní aago 2:00?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ó fi ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ kí wákàtí 24 tó pé, torí pé ìpè tẹlifóònù nìkan kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí aago 1:00 bá lù tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún pè. Bó bá rí i pé ewu wà níwájú ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò pè.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni, aago ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ tàbí pààrọ̀ aṣọ kó tó dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà mìíràn tí ìròyìn yóò gbà gbọ́dọ̀ wà fún ìgbà tí ẹ̀sùn bá kan àwa fúnra wa. Bó bá kan olùkọ́, ọ̀gá ilé-ìwé ni ìròyìn ń lọ bá. Bó bá kan alábòójútó, ọ̀gá ni. Bó bá kan ọ̀gá, alága ìgbìmọ̀ ni, tàbí kí a gba ọ̀dọ̀ àjọ lọ tààrà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ilé-ìwé pé òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lè pe àjọ fúnra rẹ̀, kí ọ̀gá má sì ní agbára láti dá ìjábọ̀ dúró. Ohun tó ń ba irú ọ̀ràn yìí jẹ́ ni pé a kọ́kọ́ pe ẹni tí ẹ̀sùn kàn sí ọ́fíìsì, a ní kó ṣàlàyé, a sì gbà á nímọ̀ràn kó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́ kí orúkọ ilé-ìwé má bàjẹ́. Á fiṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ilé-ìwé mìíràn á gbà á ní sáà tó ń bọ̀, ìwé ìjẹ́rìí wa yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ibi tí ìwé ń gbé. Fáìlì yìí kò gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì ẹ̀kọ́ ọmọ, níbi tí akọ̀wé ti ń wá èsì ìdánwò. Kọ́bọ́ọ̀dù alágàdágodo ni ibùgbé rẹ̀. Àmì kékeré kan lásán ni yóò wà lára fáìlì ẹ̀kọ́ láti fi hàn pé òmíràn wà. Ènìyàn méjì ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá sì ṣí i yóò kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Níbi tí gbogbo ọ́fíìsì bá ti ń lo ẹyọ kan, a kò lè mọ ẹni tó yí nǹkan padà. Bíírò la fi ń kọ ọ́. Bí a bá ṣì í kọ, a ó fa ìlà kan là á kọjá kí a ṣì lè kà á, kí a sì buwọ́ lù ú. Ìwé tí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ kì í ṣe ohun à ń dà nù lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìwé ìdánwò la kọ ọ́ sí. Òun ni ẹ̀rí tó sún mọ́ ẹnu ọmọ jù.

Bí ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé mìíràn, fáìlì yìí ń tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, nínú àpò tí a lẹ̀, láti ọwọ́ alábòójútó sí ọwọ́ alábòójútó, a ó sì gba ìwé pé ó dé. Bí òbí bá mú ọmọ kúrò láìsọ ibi tó ń lọ, nígbà tí ọ̀ràn ṣì wà lọ́wọ́ àjọ, ọjọ́ náà gan-an la ó sọ fún àjọ.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi dán ilé-ìwé wò. Ẹ fa fáìlì kan yọ láìṣà, ẹ fún ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó ní àṣẹ láti kà á, tí kò mọ ọmọ náà rí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, àti ohun tí a ṣe. Ó sábà máa ń sọ méjì àkọ́kọ́. Òpó kẹrin ló máa ń ṣófo: “a ti sọ fún àjọ,” lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Nínú fáìlì Dúpẹ́, ohun tó wà ní òpó yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyí: “Aago 1:40, òṣìṣẹ́ àjọ dé, ó bá ọmọ sọ̀rọ̀, èmi kò sí níbẹ̀. Aago 2:30, ó mú òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ fún olùkọ́ kíláàsì pé a ti gbé ìgbésẹ̀, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀, aago 9:00: pe àjọ, béèrè ibi tí ọmọ wà.”